Àwòrán Adúrósójúkan àbí Ṣáàtì Àfọwọ́darí? Àgbéyẹ̀wò Ohun tí ó Yẹ Òǹkàwé orí Dátà tí Kò Yá

Ìfáàrà

Ní ọdún 2016, Archie Tse, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olóòtú àwòrán ìròyìn ní ilé-iṣẹ́ ìwé-ìròyìn New York Times, sọ̀rọ̀ níbi àpérò Malofiej ní ìlú Pamplona, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìyàlẹ́nu, nítorí pé ṣáàtì tí òǹkàwé lè fọwọ́ darí wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ náà fi gbayì. Kókó rẹ̀ ni pé òǹkàwé kàn fẹ́ máa yí ojú-ewé lọ sísàlẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ní kí òǹkàwé tẹ bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ ní ohun ńlá tí yóò fi hàn án. Ohunkóhun tí ó bá sì fara pamọ́ títí òǹkàwé yóò fi fọwọ́ kàn án, kí ẹni tí ó ṣe é gbà pé kò sí ẹni tí yóò rí i. Ní ọdún 2017, Gregor Aisch, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ èsì. Ó gbà pé díẹ̀ nínú àwọn òǹkàwé ni ó ń tẹ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ó ní àwọn díẹ̀ náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ṣáàtì tí ènìyàn lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ ṣe é gbà gbọ́.

Àkíyèsí òǹkàwé ni àríyànjiyàn yìí fi ṣe òpó. Iye tí òǹkàwé ń san kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹni tí ó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ń fà, ìyàn láàárín oríṣi àwòrán méjèèjì ni yóò sọ bóyá yóò rí nǹkan kan tàbí kò ní rí ohunkóhun. Nínú iṣẹ́ yìí, àwòrán adúrósójúkan ni àwòrán tí a ti yà tán kí ó tó dé orí fóònù, tí kò sì ní yí padà níbẹ̀. Ṣáàtì àfọwọ́darí ni èyí tí ètò kọ̀ǹpútà, tí ó sábà máa ń jẹ́ JavaScript, ń yà lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù òǹkàwé, tí ó sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ọ̀pá mẹ́fà

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, ó dára kí á mú iye kan tí olùkọ́ lè fi kọ́ni. Gẹ́gẹ́ bí èsì ìkànìyàn ọdún 2006 ní Nàìjíríà, Èkó ní ènìyàn 9,113,605. Ọ̀yọ́ ní 5,580,894. Ògùn ní 3,751,140. Oǹdó ní 3,460,877. Ọ̀ṣun ní 3,416,959. Èkìtì sì ní 2,398,957. Bí olùkọ́ bá fẹ́ ya iye mẹ́fà wọ̀nyí sí ojú-ewé ayélujára, ọ̀pá mẹ́fà tí ó dùbúlẹ̀ ni yóò nílò.

Ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù fẹ̀ tó píkísẹ́lì 360. Tí wọ́n bá yọ àyè orúkọ ìpínlẹ̀ àti àlàfo ẹ̀gbẹ́ kúrò, ó lè ku 240 fún ọ̀pá tí ó gùn jù, èyí tí í ṣe ti Èkó. Lórí òṣùwọ̀n yìí, ọ̀pá Oǹdó yóò gùn tó píkísẹ́lì 91, ti Ọ̀ṣun yóò sì jẹ́ 90. Ènìyàn 43,918 ni ó wà láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ojú tí ó lè rí píkísẹ́lì kan péré. Ohun tí ó lè fi ìyàtọ̀ náà hàn kò ju kí a kọ iye sí ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Tse ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ. Àṣà àwọn tí ń ṣe ṣáàtì àfọwọ́darí ni kí wọ́n fi iye pamọ́ sínú àkọlé tí ó máa ń yọ nígbà tí òǹkàwé bá na atọ́ka sí ọ̀pá. Lórí fóònù, kò sí atọ́ka tí ènìyàn lè nà láìtẹ nǹkan. Ìka ni, ìka náà a sì máa bo ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ wò. Ohun mìíràn tí ó tún ń sọnù ni àlàyé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba iye ọdún 2006 yìí. Iye tí àwọn fúnra wọn kéde lé ní mílíọ̀nù 17. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ọ̀pá Èkó láìrí gbólóhùn yìí ti kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́. Abẹ́ ọ̀pá gan-an, ní kíkọ sílẹ̀ gbangba, ni àyè rẹ̀.

Ìwúwo àti àkókò

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò yá lè máa gbé kílóbíìtì 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ, nítorí náà kílóbáìtì 50 ni ó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́ ni ìṣòro. Gbogbo ìbéèrè tí fóònù bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ kí ó sì bọ̀. Bí àlọ àti àbọ̀ kan bá gba ìdá 0.4 ìṣẹ́jú-àáyá, tí fóònù sì fẹ́ bá sáfà kan tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí sọ̀rọ̀, ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹrin: kí ó wá àdírẹ́ẹ̀sì, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó fìdí ààbò múlẹ̀, kí ó tó wá béèrè ohun tí ó fẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 1.6 ti lọ kí báìtì àkọ́kọ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ojú-ewé fúnra rẹ̀ ti dé. Bí àwòrán PNG ti ọ̀pá mẹ́fà bá wúwo tó kílóbáìtì 20, tí ó sì wà lórí sáfà kan náà, àlọ àti àbọ̀ kan àti ìgbékalẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá 0.8 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ṣáàtì àfọwọ́darí tí wọ́n bá fi D3 ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Odidi D3 wúwo tó nǹkan bí kílóbáìtì 90 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un pọ̀. Bí wọ́n bá ń mú un láti orí sáfà mìíràn, 1.6 ni ti ìkíni, 1.8 ni ti ìgbékalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ètò náà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ béèrè fáìlì tí iye ìkànìyàn wà nínú rẹ̀, kí ó tó ya ọ̀pá àkọ́kọ́. Ó ti tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Odidi Plotly ní tirẹ̀ tó mẹ́gábáìtì kan lẹ́yìn ìfúnpọ̀. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí ọ̀pá mẹ́fà!

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó burú ju ìdúró lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbedeméjì, àwòrán PNG tí ó ti dé ìdajì lè fi apá òkè rẹ̀ hàn, Èkó àti Ọ̀yọ́ yóò sì hàn níbẹ̀. Ètò JavaScript tí ó dé ìdajì kò lè ṣiṣẹ́ rárá. Àlàfo funfun ni òǹkàwé yóò rí, kò sì ní mọ̀ pé ohun kan yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ojú-ewé náà kì í sábà mọ̀, nítorí pé lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ohun gbogbo ti wà nílẹ̀ láti àná. Ọ̀nà àtimọ̀ kò le: nínú búráúsà Chrome, kí ó ṣí DevTools, kí ó lọ sí Network, kí ó mú `Disable cache`, kí ó yan `3G`, kí ó sì tún ojú-ewé náà ṣí.

Àléébù àwòrán

Kì í ṣe pé àwòrán adúrósójúkan kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ya àwòrán tí ó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1200 lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú lẹ́tà tí ó ga tó 14, kí wọ́n sì jẹ́ kí fóònù sún un sí 360. Lẹ́tà náà yóò di 4.2. Òǹkàwé ti san owó dátà fún ohun tí kò ṣe é kà. Orí ìwọ̀n fóònù ni ó yẹ kí ìyàwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi kejì ni fífi ṣáàtì sínú JPEG, tí ó máa ń fi eruku yí etí lẹ́tà ká. PNG ni ó bá àwọ̀ pẹrẹsẹ mu. Ẹ̀kẹta ni kí àwòrán dákẹ́ níwájú ẹni tí kò ríran tàbí tí àwòrán kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlà díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀:

```html
<img src="ikaniyan-2006.png" width="360" height="300"
 alt="Èkó 9,113,605; Ọ̀yọ́ 5,580,894; Ògùn 3,751,140;
 Oǹdó 3,460,877; Ọ̀ṣun 3,416,959; Èkìtì 2,398,957">
```

`alt` ni ó ń gbé iye dúró nígbà tí àwòrán kò bá sí. `width` àti `height` ni ó ń jẹ́ kí búráúsà pa àyè mọ́, kí ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé ń kà lọ́wọ́ má fò sísàlẹ̀ nígbà tí àwòrán bá dé.

SVG fẹ́ẹ́rẹ́ ju PNG lọ fún irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni. Ọ̀pá mẹ́fà kì í ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ, ó sì ṣe é kọ sínú ojú-ewé gan-an láìsí ìbéèrè mìíràn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá ní láti ṣọ́ra. Lẹ́tà inú SVG gbára lé irú lẹ́tà tí ó wà lórí fóònù òǹkàwé. Kò sí àmì kan ṣoṣo fún `ọ̀` nínú Unicode: `ọ` ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí wọ́n gbé lé e lórí. Fóònù tí lẹ́tà rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e lè fi àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí kékeré dípò rẹ̀. Nínú PNG, àmì ohùn ti di ara àwòrán. Ibi tí ayàwòrán fi í sí ni yóò wà. Fún kílóbáìtì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó fi wúwo jù, kí orúkọ ìpínlẹ̀ má bàjẹ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìfọwọ́darí ti yẹ

Ọ̀rọ̀ Aisch kò ṣe é dà nù. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà. Kò sí àwòrán kan tí ó lè fi ọ̀pá 774 hàn lórí fóònù, òǹkàwé kọ̀ọ̀kan sì ń wá tirẹ̀ ni. Síbẹ̀, ojú-ewé kékeré fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àtẹ iye wà nínú rẹ̀, yóò dáhùn ìbéèrè náà láìsí JavaScript. Ibi tí ìfọwọ́darí kò ní arọ́pò ni ibi tí ìfọwọ́kàn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2015, New York Times gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó ní kí òǹkàwé kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà bí ó ṣe rò pé owó tí ń wọlé fún òbí ń nípa lórí bóyá ọmọ yóò dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ó tó rí ìlà tòótọ́. Àwòrán kò lè ṣe èyí, nítorí pé àṣìṣe òǹkàwé gan-an ni ó ń kọ́ ọ.

Bí irú rẹ̀ bá pọn dandan, kí àwòrán kọ́kọ́ dé, kí bọ́tìnnì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó sọ iye kílóbáìtì tí títẹ̀ ẹ́ yóò ná òǹkàwé, kí ètò má sì wọlé àfi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́:

```js
botini.onclick = () => import("./saati.js");
```

Kí wọ́n má yọ àwòrán kúrò títí ṣáàtì yóò fi yà tán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lẹ́yìn títẹ̀, fóònù lè má lágbára tó. Ẹni tí ó bá sì ń lo Opera Mini níbi tí wọ́n ti yan ìfúnpọ̀ tí ó le jù, sáfà ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń bá a ṣí ojú-ewé. Títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti padà lọ sí sáfà, fífi ìka fa ìlà kì í sì í ṣiṣẹ́. Àwòrán àkọ́kọ́ ni òun yóò kà.