Àbá Òrùlé Tó Wo Ọdún Ogójì

Mo fẹ́ràn ìwé àbá òrùlé tí kì í dúró sórí owó ìkọ́lé nìkan. Ká ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan fẹ̀ ní mítà 12: òrùlé onígi yóò gba mílíọ̀nù 10 náírà, onírin mílíọ̀nù 13. Ọ̀pọ̀ yóò mú igi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò ka ọdún 40. Ní iye owó òní, bí àtúnṣe igi tí ikán jẹ bá gba mílíọ̀nù 6, tí kíkun irin gba 2, igi di 16, irin 15.

Ibi tó wù mí jù nìyí: irú ìwé àbá bẹ́ẹ̀ tún máa ń bèèrè bóyá kireni lè wọlé, àti ta ni yóò yẹ ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀ wò. Bí kò bá sí wẹ́dà tó dáńtọ́ nítòsí, mílíọ̀nù 1 tí irin fi dín sí igi kò tó ewu náà. Nígbà náà, igi tí oògùn ikán wọ̀ dénú ni kí wọ́n lò.