Gbólóhùn Tó Wà Láàárín Ọ̀rọ̀ Méjì

Nínú gbogbo ìbéèrè tí mo ń kọ fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì, àfiwé ọ̀rọ̀ ló wù mí jù. Ọ̀rọ̀ méjì tó bára tan, ọ̀rọ̀ kẹta, àlàfo, ìdáhùn mẹ́rin: ó tán. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ọmọ fi odindi gbólóhùn sọ bí méjì àkọ́kọ́ ṣe tan mọ́ra, kó tó wo ìdáhùn rárá.

Ẹ wo èyí: agbẹ̀ àti ọkọ́; alágbẹ̀dẹ àti kí ni? (a) irin (b) àdá (d) ẹwìrì (e) òòlù.

Ọmọ tó bá ní "wọ́n jọ ń rìn ni" kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń bá alágbẹ̀dẹ rìn. Èyí tó ní "agbẹ̀ ń lo ọkọ́" ti gbìyànjú: àdá bọ́ sílẹ̀, torí pé alágbẹ̀dẹ ń rọ ọ́ fún ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n ó ń lo irin, ó ń lo ẹwìrì, ó ń lo òòlù. Èyí tó ní "ọkọ́ ni agbẹ̀ fi ń kọ ebè" ti fún gbólóhùn náà pa. Alágbẹ̀dẹ wo ló ń kọ ebè? Ohun tí mo ń wá wà láàárín méjèèjì: ọkọ́ ni irinṣẹ́ tí agbẹ̀ ń mú kan ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ fi alágbẹ̀dẹ rọ́pò agbẹ̀, kí irin rọ́pò ilẹ̀. Irin fúnra rẹ̀ jáde, torí òun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹwìrì jáde, torí iná ló ń fẹ́. Ó ku òòlù.

Bí mo bá wá fi ẹ̀mú rọ́pò àdá ńkọ́? Ẹ̀mú náà ń kan irin, ìdáhùn sì di méjì. Àfi ká fi kún un pé irinṣẹ́ ọ̀hún ló ń yí ìrísí ohun tó bá kàn padà. Ẹ̀mú kàn ń di irin mú ni. Ìdáhùn òdì tí a fara balẹ̀ yàn ló ń sọ gbólóhùn di pàtó, ibẹ̀ gan-an ni adùn iṣẹ́ yìí wà fún mi.

Àmọ́ ọmọ tí kò mọ ẹwìrì kò lè yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kí gbólóhùn rẹ̀ mọ́ tó. Irú ẹjọ́ yìí ló dé bá ìdánwò SAT ní Amẹ́ríkà: ìbéèrè kan fi sárésáré àti eré ìje ọlọ́nà jíjìn wé atukọ̀ àti ìdíje ọkọ̀ àjẹ̀. Àwọn alárìíwísí ní ọmọ olówó ló mọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Ní 2005, wọ́n yọ àfiwé ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìdánwò náà pátápátá.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ irú ìbéèrè yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbólóhùn tiyín sétí ìwé kí ẹ tó wá ìdáhùn mẹ́rin. Bí méjì bá bá a mu, ẹ má tíì gbé e fún ọmọ kankan.