Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Táìmútébù Ilé-Ìwé Girama

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan máa ń wà lára ògiri yàrá àwọn olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á da tiwọn kọ, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kálukú á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bí ìwé náà ṣe dé ibẹ̀. Olùkọ́ kan ló jókòó ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìṣirò tàbí jọ́gíráfì ló ń kọ́ni, tí ọ̀gá sì fi táìmútébù kún iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ yìí dáadáa, torí pé bí wọ́n bá ṣe é re, kò sẹ́ni tí yóò rí i pé wọ́n ṣe ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká ro ilé-ìwé girama àgbà kan, irú èyí tó lè wà ní Ìgándò, ní etí títì tó ti Ìyànà-Ìpájà lọ sí LASU. Ó ní SS1, SS2 àti SS3. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀wọ́ 4: sáyẹ́ǹsì 2, áàtì 1, kọmáṣà 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ́ 12. Aago 8 àárọ̀ ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, aago 2 ọ̀sán ló ń parí. Ìṣẹ́jú 40 ni píríọ́dù kan. 4 wà ṣáájú ìsinmi, 4 wà lẹ́yìn rẹ̀, ìsinmi náà sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Píríọ́dù 6 ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, kí àwọn Mùsùlùmí lè bá ìrun Jímọ̀. Píríọ́dù 38 ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wá ní lọ́sẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í yára mú pẹ́ńsù. Iye ló máa ń kọ́kọ́ kà. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe ìṣirò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tàbí márùn-ún, ta ni yóò kọ́ ọ, ní yàrá wo? Ká sọ pé 5 ni. Ọ̀wọ́ 12 á gba píríọ́dù 60. Bí olùkọ́ ìṣirò bá jẹ́ 3, 20 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo òbí àti ọ̀gá ilé-ìwé ló fẹ́ kí ìṣirò wà láàárọ̀, nígbà tí orí ọmọ ṣì mọ́ kedere, tí páànù òrùlé kò tíì gbóná. Ṣé ó ṣeé ṣe? Píríọ́dù 4 ló wà ṣáájú ìsinmi lójoojúmọ́, 20 lọ́sẹ̀, fún olùkọ́ 3, ó di 60 géérégé. Lórí ìwé, ó wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò dúró síwájú pátákó fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40 láìjókòó, ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti físíìsì náà sì ń dúró de àárọ̀ kan náà. Nítorí náà ni olùṣètò ṣe máa ń fi òfin tó ṣeé pa mọ́ rọ́pò ohun tí gbogbo ayé fẹ́: ó kéré tán, 3 nínú ìṣirò 5 ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ìsinmi, ọ̀wọ́ kankan kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Báyìí, ọ̀sán tó gbóná náà kò ní jẹ́ ti ọ̀wọ́ kan ṣoṣo.

Láàbù ni ibi tí kíkà yìí ti ń fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn jù lọ. Ilé-ìwé wa ní láàbù kan. Físíìsì, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì, kálukú ló fẹ́ pírátíkà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀wọ́ sáyẹ́ǹsì 6. Ó di 18. Pírátíkà sì gba píríọ́dù méjì tó so pọ̀, torí pé ìṣẹ́jú 40 kò tó láti to irinṣẹ́, ṣe iṣẹ́, kọ èsì sílẹ̀, kí wọ́n sì fọ ohun èlò. Méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ fò kọjá ìsinmi, torí kò sẹ́ni tí yóò fi ásíìdì sílẹ̀ lórí tábìlì kó lọ jẹun. Bí a bá tẹ̀ lé èyí, àyè pírátíkà 4 ló wà lójoojúmọ́ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, 3 sì wà lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Iṣẹ́ 18 nínú àyè 19: ó wọ̀, ṣùgbọ́n ó fún.

Àmọ́ àwọn ọmọ áàtì náà ń ṣe báyọ́lọ́jì, WAEC sì ní ìwé pírátíkà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó ṣe é. Ọ̀wọ́ áàtì 3 tún kún un, ó di 21. Kò sí ọgbọ́n pẹ́ńsù tó lè sọ 21 di 19. Ẹni tí kò kọ́kọ́ kà á yóò lo ọjọ́ púpọ̀ ní pípa á rẹ́ àti títún un kọ, láìmọ̀ pé ohun tí kò ṣeé ṣe lòun ń wá. Ẹni tó kà á yóò fi àyè kan tó ṣẹ́ kù náà fún áàtì, àwọn ọ̀wọ́ 3 á sì máa pín in. SS3 ni ìdánwò rẹ̀ sún mọ́ jù, nítorí náà ó ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹta. SS1 gba ìkejì, SS2 gba ìkẹrin, lẹ́yìn náà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó dára jù fún SS1. Ó jẹ́ ohun tó dára jù tí láàbù kan lè ṣe, ó sì yẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀ kedere, torí pé ohun tó lè yí i padà ni láàbù kejì.

Lẹ́yìn tí iye bá ti tọ́, ètò fífi nǹkan sáyè ló kù. Ohun tí kò lè yẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Láti 2011 tí kòríkúlọ́ọ̀mù tuntun ti wọ SS1 ni wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan kún ti akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ sáyẹ́ǹsì lè yan aṣọ rírán, ọmọ kọmáṣà lè yan òmíràn. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá tó àkókò fún SS1, gbogbo ọ̀wọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ 4 á sì dúró dè wọ́n ní yàrá 4. Àwọn olùkọ́ yẹn kan náà ló ń kọ́ SS2 àti SS3, nítorí náà kíláàsì méjì kò gbọ́dọ̀ ṣe é pọ̀. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ló tẹ̀ lé e: àwọn ọmọ áàtì tó ń ṣe ti Krístì àti àwọn tó ń ṣe ti Ìsìláàmù gbọ́dọ̀ ní tiwọn ní píríọ́dù kan náà, kí apá kan má baà jókòó lásán, ọ̀wọ́ kan á sì gba yàrá méjì. Lẹ́yìn èyí ni ti àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ ìṣirò gíga. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí àwọn àgùnbánirọ̀ ń lọ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ilé-ìwé kọ́ ló sì ń yan ọjọ́ náà. Bí ó bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ó di dandan kí gbogbo Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ ṣófo. Láàbù ló kàn, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, kí àwọn ẹ̀kọ́ tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó wá dí àwọn ihò tó ṣẹ́ kù.

Ihò tó gbẹ̀yìn ló máa ń le jù. Ká ní ó ku físíìsì kan fún SS2 sáyẹ́ǹsì A, píríọ́dù kẹta ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló sì ṣófo fún un. Ní àkókò yẹn gan-an, olùkọ́ físíìsì wà ní SS3 sáyẹ́ǹsì B. Píríọ́dù kẹfà Ọjọ́bọ̀ ni ọwọ́ olùkọ́ náà dilẹ̀. Olùṣètò á gbé físíìsì SS3 B lọ síbẹ̀, àmọ́ Síífíìkì ni SS3 B ní níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síífíìkì náà á wá sí píríọ́dù kẹta ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Olùkọ́ Síífíìkì ti wà ní SS1 áàtì ní àkókò yẹn, nítorí náà ti SS1 áàtì á bọ́ sí kẹfà Ọjọ́bọ̀, níbi tí olùkọ́ náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ìwé kíkà ní láìbírì ni SS1 áàtì ń ṣe lásìkò yẹn. Ó lè sún sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ọ̀wọ́ mìíràn kò bá ti gba láìbírì. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹ̀kọ́ 4 ló kúrò níbi tó wà kí ọ̀kan tó rí àyè, kò sì sẹ́ni tó pàdánù ohunkóhun. Ó ku kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá SS3 B kò ti ní físíìsì mìíràn tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ náà.

Ohun tí olùkọ́ yìí fi pẹ́ńsù ṣe, àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1916, Dénes Kőnig, ará Hungary, fi ìdí òtítọ́ kan múlẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níbí: bó bá jẹ́ olùkọ́ àti ọ̀wọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, tí ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni kò sì ju iye píríọ́dù tó wà lọ, táìmútébù yóò ṣeé ṣe dájú. Irú pàṣípààrọ̀ láàárín píríọ́dù méjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1976, Shimon Even, Alon Itai àti Adi Shamir fi hàn pé bí àkókò kan bá ti wà tí àwọn olùkọ́ kan kò ní sí ní ilé-ìwé, ìṣòro náà á di irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀nà tó yá láti yanjú nígbà gbogbo. Ọjọ́bọ̀ àgùnbánirọ̀ wa nìyẹn, àti olùkọ́ Faransé tó ń lọ sí ilé-ìwé mìíràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà bíi FET wà tó lè gbìyànjú ọ̀nà púpọ̀ kíákíá. Síbẹ̀, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ fún un ta ni kò sí, nígbà wo, àti èwo nínú òfin ló lè yẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ táìmútébù tó dára, ẹ má kà á láti òsì sí ọ̀tún bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kà á. Ẹ kà á láti òkè wá sísàlẹ̀, píríọ́dù kan lẹ́ẹ̀kan. Bí orúkọ olùkọ́ kan tàbí yàrá kan bá hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú òpó kan náà, ìforígbárí ti wà níbẹ̀, kódà bí ti ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá dà bíi pé ó tọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tí píríọ́dù tó gbẹ̀yìn ọ̀sán ń bọ́ sí lọ́wọ́ jù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹnì kan ni wọ́n ti rẹ́ jẹ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní orúkọ àwọn olùkọ́ àti ọjọ́ tí wọn kò ní sí kí ilé-ìwé tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dín ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ kù. Bí olùkọ́ kan bá sì fẹ́ pààrọ̀ píríọ́dù rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ olùṣètò, torí òun nìkan ló mọ iye ẹ̀kọ́ tí yóò ṣí kúrò láyè rẹ̀ bí ọ̀kan bá sún.