Ìwúrí Tó Gbé Ìpè Mì: Àyẹ̀wò Ìkéde Ìṣíṣọ́ọ̀bù ní Aladja

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Iṣẹ́ méjì ni ẹni tó ń polówó ń ṣe pọ̀: ó ń mú kí ọjà wu ènìyàn, ó sì ń pe ènìyàn wá síbi ọjà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni a pè ní ìwúrí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkejì ni a pè ní ìpè. Irú ìpolówó kan pàtó ni a fẹ́ yẹ̀ wò, ìyẹn ìkéde tí olóòtú ètò máa ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Èrò wa ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìkéde bẹ́ẹ̀, ìwúrí máa ń pọ̀ débi pé yóò gbé ìpè mì. Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, wọn á jẹun, wọn á lọ sílé, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ ohun tí ẹni tó pè wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Ìdí tí a fi mú Aladja

Ìlú Urhobo ni Aladja, ní ìjọba ìbílẹ̀ Udu, lẹ́bàá Wáárí ní Ìpínlẹ̀ Dẹ́lítà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982 ni Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí iléeṣẹ́ irin ńlá tó wà ní Ovwian-Aladja. Ètò ìgbà náà ni pé kí wọ́n máa yọ́ irin níbẹ̀, kí wọ́n fa apá kan rẹ̀ di ọ̀pá níbẹ̀, kí ìyókù sì máa lọ sí iléeṣẹ́ tí yóò fà á ní Òṣogbo, Jọ́ọ̀sì àti Kàtísínà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àgbà ìlú náà ló mọ irin dáadáa. Bí oníṣòwò Yorùbá kan bá ṣí ṣọ́ọ̀bù irin ìkọ́lé níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òpè ló wá. Èdè Urhobo àti Píjìn ló sì gbòde, Yorùbá kò ju èdè àlejò lọ. Àìpé ìkéde máa ń tètè hàn níwájú irú àwọn olùgbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkéde kan àti àbùkù rẹ̀

A hun àpẹẹrẹ yìí láti ara ohun tí a máa ń gbọ́ lábẹ́ kánópì; kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù kankan pàtó:

«Ẹ̀yin èèyàn jàǹkànjàǹkàn, ẹ kú ìkàlẹ̀! Ọjọ́ ayọ̀ lòní! Irin tí ojú ò rí rí ti dé! Ojúlówó ni, kò lẹ́gbẹ́, kò láfiwé! Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tí kò ní wó, ọ̀dọ̀ wa ni kó wá. Owó pọ́ọ́kú ni! Ẹ tètè wá kó tó tán!»

Ìkéde yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í wé ìpolówó àtijọ́. Bí ìyá alákàrà bá ké pé àkàrà òun gbóná, ọwọ́ oníbàárà ni yóò jẹ́rìí. Ohun tí ọwọ́ lè kàn, tí ahọ́n lè tọ́ wò, ni ìpolówó ilẹ̀ wa sábà máa ń gbóríyìn fún. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í tọ́ ọ wò, ojú lásán kò sì lè sọ bóyá ọ̀pá tí wọ́n pè ní mílímítà 12 tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bí «ojúlówó» kò ní ẹlẹ́rìí. Ìlérí pé ilé kò ní wó tún burú jù ú lọ, nítorí pé ìpìlẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti ọwọ́ bíríkìlà wà lára ohun tó ń gbé ilé dúró. Ẹni tó ń ta irin kò lè ṣe onídùúró fún gbogbo wọn. «Ẹ tètè wá» náà kò sì pé: kò sọ ọjọ́, kò sọ àkókò, kò sọ ohun tí ẹni tó bá dé yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọ̀pá mílímítà 12 tó gùn ní mítà 12 yẹ kí ó wọn nǹkan bíi kìlógírámù 10.6. Bí ó bá jẹ́ mílímítà 10 ni wọ́n tà fún ènìyàn lórúkọ 12, kò ní ju kìlógírámù 7.4 lọ. Bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá irin tí oníbàárà sanwó fún ni kò sí níbẹ̀, agbára tí ó yẹ kí ọ̀pá náà fi gbé ẹrù sì dín bẹ́ẹ̀.

Ìkéde tó ní ìpè nínú

Ẹ jẹ́ ká tún un hun:

«Mígwọ, ẹ̀yin àgbà Aladja. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín yọ́ irin, ọ̀dọ̀ yín la gbé irin wá! Ọ̀pá mílímítà 12 ló wà níwájú yín yìí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, ó sì yẹ kó wọn bíi kìlógírámù 10.6. Ẹ má tíì gbà wá gbọ́ o! Ìwọ̀n rèé, tépù rèé. Kí ẹnì kan jáde wá, kó mú èyí tó bá wù ú, kó wọ̀n ọ́n, kó ka iye rẹ̀ sókè. Iye owó wà lára pátákó, a ò ní yí i padà títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. A ó ṣílẹ̀kùn láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹ mú bíríkìlà yín dání, kẹ́ ẹ wọn tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó.»

Ìwúrí kò kúrò níbẹ̀. Ààyè rẹ̀ ló yí padà. Kí ẹnì kan tó ka iye tó wà lórí ìwọ̀n, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Bí iye náà bá pé, ariwo ayọ̀ á sọ láìjẹ́ pé olóòtú bẹ̀ wọ́n. «Mígwọ» jẹ́ ìkíni ìbọ̀wọ̀fágbà Urhobo. Ó fi hàn pé àlejò mọ ilé ẹni tó wọ̀. Tépù ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n, nítorí pé ọ̀pá tí wọ́n gé kúrú lè mú kí iye ìwọ̀n ṣini lọ́nà.

Lẹ́yìn èyí, kí olóòtú tún ìkéde náà sọ ní Urhobo àti Píjìn. Bí àyè kò bá gba gbogbo rẹ̀, ìpè ni kó túmọ̀. Ohùn àti ìlù lè gbé ayọ̀ dé etí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé «aago mẹ́jọ» tàbí «kẹ́ ẹ tó sanwó» dé ibẹ̀.

Ààlà kan wà o. Ìwọ̀n kò lè sọ bóyá irin náà le tàbí ó lè ṣẹ́ bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Àyẹ̀wò yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló lè fìdí ìyẹn múlẹ̀. Nítorí náà, kí ìkéde má ṣe sọ ju ohun tí ìwọ̀n àti tépù fi hàn lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Fún àwa tí à ń kọ́ olùkọ́, àbá wa kò ṣòro. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìkéde ìṣíṣọ́ọ̀bù, kí a má ṣe máa fún un ní máàkì lórí adùn èdè nìkan. Kí ó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan fún akẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rí ìwé náà. Kí a wá bi akẹgbẹ́ náà pé: kí ni wọ́n ń tà, níbo, nígbà wo, kí ni o máa ṣe bí o bá débẹ̀, báwo ni o ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni? Ìbéèrè tí kò bá lè dáhùn ni ibi tí ìwúrí ti gbé ìpè mì. Ibẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ padà sí.