"Ta Ló Ṣe É?": Ipò Olùṣe nínú Ìjábọ̀ Àyẹ̀wò Kẹ́mísìrì

Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí olùṣe ṣe ń fara hàn, tàbí bí ó ṣe ń fara sin, nínú ìjábọ̀ àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi Yorùbá kọ. Òfin tó wọ́pọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọ "mo" sínú ìjábọ̀. Òfin yìí gbára lé ìhun Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń gbé àbọ̀ sí ipò olùwà, tí kò sì pọn dandan kí ó dárúkọ olùṣe. Yorùbá kò ní irú ìhun bẹ́ẹ̀. "A" tàbí "wọ́n" ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò dípò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ojú Méjì tí "A" Ní

Bí ẹnìkan bá sọ pé "A bí mi ní Ìbàdàn", kò sí ẹni tó máa rò pé olùsọ̀rọ̀ wà lára àwọn tó bí i. "A" yìí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó. Ṣùgbọ́n nínú "A jẹun tán, a sì sùn", olùsọ̀rọ̀ wà lára àwọn tó jẹun. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àyíká ọ̀rọ̀ ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ìjábọ̀, òǹkàwé kò sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, nítorí náà kò rí ohun tí yóò fi yà wọ́n.

Àgbéyẹ̀wò Àpẹẹrẹ Kan

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ yìí, tó jẹ mọ́ wíwọn agbára sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì nípa títaitírétì, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà:

"A pèsè ásíìdì tí agbára rẹ̀ jẹ́ móòlù 0.100 nínú lítà kan. A fi pípẹ́ẹ̀tì fa mililítà 25.00 álíkálì sínú ìgò, a sì kán fẹnọfutalíìnì sí i. A ń da ásíìdì sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì títí àwọ̀ píǹkì fi parẹ́. Ohun tí a kà ni 24.80, 24.20 àti 24.20. A pa ti àkọ́kọ́ tì."

"A" márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló ti pèsè ásíìdì kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Bí agbára tó wà lára ìgò bá ṣì, gbogbo ìṣirò yóò ṣì. Òǹkàwé sì ní láti mọ ibi tí yóò ti wádìí. Fífi pípẹ́ẹ̀tì fa álíkálì yàtọ̀ sí èyí: ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ lè ṣe é, dídárúkọ olùṣe kò sì fi ohunkóhun kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni gbólóhùn ìkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ 24.20 ni a lò, agbára álíkálì jẹ́ 0.100 × 24.20 ÷ 25.00 = 0.0968. Bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìdá rẹ̀ jẹ́ 24.40, agbára á sì di 0.0976. Ìpinnu ẹnìkan ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ásíìdì ti kọjá ààlà nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí píǹkì bá ti parẹ́, ásíìdì àlékún kò ní fi àmì kankan hàn nínú ìgò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára búrẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀ pé ó yára tú u. Bí olùṣe bá fara pamọ́ níhìn-ín, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló fara pamọ́.

Bí Èdè Ṣe Lè Tún Un Ṣe

Yorùbá ní ohun èlò fún àtúnṣe yìí. "Àwa" kò ní ojú méjì bíi "a": olùsọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìtẹnumọ́ pẹ̀lú "ni" náà ń gbé olùṣe síwájú. Fún ìdí èyí, àpẹẹrẹ náà lè di:

"Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni ó pèsè ásíìdì, agbára tó kọ sára ìgò ni 0.100. Mililítà 25.00 álíkálì ni a fi pípẹ́ẹ̀tì fà sínú ìgò. Nígbà tí ásíìdì tó, àwọ̀ píǹkì parẹ́. Èmi ni mo ń tú búrẹ́ẹ̀tì. Mo yára jù ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà àwa méjèèjì fẹnu kò láti má lo 24.80."

Ẹ ṣàkíyèsí pé "àwọ̀ píǹkì parẹ́" kò nílò ènìyàn kankan, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò ni.

Ìkádìí

Kì í ṣe pé kí "mo" kún gbogbo ìlà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "mo mú pípẹ́ẹ̀tì, mo ṣàn án, mo fà á", akẹ́kọ̀ọ́ ni òǹkàwé yóò máa wò dípò álíkálì. Ìbéèrè tó yẹ kí ó bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni pé: bí ẹlòmíràn bá ṣe é, ǹjẹ́ èsì lè yàtọ̀? Bí kò bá lè yàtọ̀, "a" tó. Bí ó bá lè yàtọ̀, bóyá nítorí ìpinnu, ohun tí ojú rí tàbí ohun tí ẹlòmíràn pèsè, kí a dárúkọ ẹni tó ṣe é.