Ìbéèrè Tó Mọ Ẹnu Ọ̀nà Ayálégbé

“Ṣé ilé yìí tẹ́ yín lọ́rùn?” Bí ayálégbé bá rí irú ìbéèrè yìí lórí fọ́ọ̀mù, “A dúpẹ́” ni yóò kọ. Alákòóso á kà á tán, kò sì ní mọ̀ bóyá omi ló yẹ kí òun tún ṣe ni tàbí gọ́tà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni àjọ tó ń bójú tó ilé ayálégbé olówó pọ́ọ́kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn onílé máa fi òṣùwọ̀n 22 wọn iṣẹ́ ara wọn. Ẹnu ayálégbé ni 12 nínú wọn ti ń wá. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n fi béèrè ọ̀rọ̀ àtúnṣe:

Ǹjẹ́ onílé tún nǹkan kan ṣe nínú ilé yín láàárín oṣù 12 tó kọjá?

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni iṣẹ́ àtúnṣe náà ṣe tẹ́ yín lọ́rùn sí?

Àkókò tí àtúnṣe tó kẹ́yìn gbà, láti ìgbà tí ẹ ti sọ fún wọn, ńkọ́?

Ìbéèrè kìíní ni asẹ́: ẹni tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ kò bàjẹ́ rí kò lè yin pùlọ́ńbà, kò sì lè bú u. Èkejì àti ẹ̀kẹta ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò, nítorí pùlọ́ńbà lè mọ iṣẹ́ kó sì pẹ́ kó tó dé. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, a lè lé oníṣẹ́ dáadáa lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó pè é ló fa ìdádúró náà.

Kíka ìdáhùn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ́sítéètì tí ìjọba Èkó fi orúkọ Lateef Jákàńdè pè ní Igando ní ilé 492. Ìṣirò kan ṣoṣo kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn 40 dáhùn lórí omi ní ẹ́sítéètì kan, tí 32 sì ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ìdá 80 nínú 100 nìyẹn; alákòóso lè jókòó tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n bó bá tò wọ́n ní àjà-àjà, ó lè rí i pé àwọn 8 tó ń ráhùn, àjà òkè pátápátá ni gbogbo wọn ń gbé. Kó wá bi wọ́n pé: “Ìgbà wo ni omi kì í gòkè?” Bó bá jẹ́ ìdájí nìkan, nígbà tí gbogbo ilé ń wẹ̀ láti lọ síbi iṣẹ́, a jẹ́ pé táńkì kéré tàbí wọn kò tètè tan pọ́ǹpù. Bó bá jẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, nínú ilé kan ṣoṣo, kí wọ́n yẹ páìpù ilé náà wò.

Kí a má kọ orúkọ sórí fọ́ọ̀mù, kí ẹni tó ń gba owó ìtọ́jú má sì pín in, kí ẹ̀rù má bàa yí ìdáhùn padà. Lẹ́yìn náà, kí alákòóso lẹ ohun tó gbọ́ mọ́ géètì, pẹ̀lú iṣẹ́ tí yóò ṣe àti ọjọ́ tí yóò parí. Bó bá parí, kó padà lọ bi àwọn ará àjà òkè léèrè.

Ẹ̀yin alákòóso, bí ẹ kò bá tíì ní owó àti ọjọ́ àtúnṣe lọ́kàn, ẹ má tíì pín fọ́ọ̀mù.