Ìdájọ́ Wa Lórí Ìwé Kan Nípa Ogun Kírìjì

A ti ka ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí wa. Àbùkù ńlá kan ń bẹ níbẹ̀: ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni òǹkọ̀wé pè, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn da ọ̀rọ̀ Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́, ni ó sì ru iṣẹ́ àlàáfíà ní 1886. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí òǹkọ̀wé gbọ́ ti ẹnu àwọn Èkìtì pẹ̀lú.

Àtúnṣe kéékèèké kò ju méjì lọ. Johnson parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ó sọnù, àbúrò rẹ̀ tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ọdún 1886 ni a ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n 1893 ni a tú ibùdó ká.

Bí a bá tún ti àkọ́kọ́ ṣe, kí a tẹ ìwé náà.